Ìdí Tí Tánkì Orí Òrùlé Fi Ń Pẹ́ Kún, àti Bí Bọ́ọ̀lù Inú Rẹ̀ Ṣe Ń Dá Omi Dúró

Omi kì í dá gun orí òrùlé. Ohun kan ló ń tì í dé ibẹ̀. Nínú ilé tó ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba, ipá tí omi gbé bọ̀ láti inú páìpù ojú títì ló ń tì í. Nínú ilé tó ní kànga tirẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fa omi ni. Èyí tó wù kó jẹ́, omi yóò kọ́kọ́ ná lára ipá yẹn láti fi gòkè, yóò tún ná lára rẹ̀ láti fi gba inú páìpù kọjá, kó tó fi ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù gba ihò kékeré kan jáde sínú tánkì. Ihò yẹn wà lẹ́nu fáàfù olóbọ́ọ̀lù, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní bọ́ọ̀lù tánkì lásán. Bí tánkì bá ń pẹ́ kún, ibi mẹ́ta ni a ti lè wá ohun tó fà á: gíga ilé, páìpù, àti ihò ẹnu fáàfù. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, kì í ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà títí di ìgbà tí tánkì bá kù díẹ̀ kó kún.

Ohun tí gíga ń gbà lọ́wọ́ omi

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti díwọ̀n ipá omi ni láti béèrè pé, bí a bá na páìpù kan sókè tí a ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, báwo ni omi yóò ṣe ga tó nínú rẹ̀ kó tó dúró? Bí ó bá ga dé mítà 10, ipá mítà 10 ni omi náà ní. Gbogbo mítà kan tí omi bá gùn ń yọ mítà kan kúrò nínú ipá yìí. Kò sí páìpù tó lè dín owó yìí kù, bó ti wù kó fẹ̀ tó.

Ilé alájà kan ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Tánkì rẹ̀ gba lítà 1,000, orí òrùlé ló wà, ẹnu ibi tí omi ti ń wọ inú rẹ̀ sì ga ju páìpù ilẹ̀ lọ ní mítà 7.5. Lọ́sàn-án, omi ẹ̀rọ ń wá pẹ̀lú ipá mítà 10. Nígbà tí omi yóò fi dé orí òrùlé, mítà 2.5 péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ omi tó wà nínú ọgbà, tí kò ga ju mítà kan lọ, ṣì ní mítà 9 lọ́wọ́ ní àkókò kan náà.

Ìdí nìyí tí onílé fi máa ń ṣí ẹ̀rọ ọgbà, tí omi ń tú yàà, tí yóò sì máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí tánkì òkè kò kún. Bí àwọn aládùúgbò bá ṣí ẹ̀rọ tiwọn, tí ipá ojú títì wá bọ́ sí mítà 8, ẹ̀rọ ọgbà yóò ṣì ní mítà 7. Ẹni tó ń pọn omi níbẹ̀ lè má tilẹ̀ fura. Ṣùgbọ́n ìdajì mítà péré ni yóò kù fún tánkì. Bí ipá bá tún bọ́ sí mítà 7.5, omi kò ní wọ tánkì mọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ọgbà kò ní tíì gbẹ. Ohun tó dà bí ìyàtọ̀ kékeré nísàlẹ̀ ni yóò pinnu lókè bóyá omi yóò dé tàbí kò ní dé.

Lóru, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sùn, ipá omi ojú títì máa ń ga sí i. Bí ó bá di mítà 17.5 nínú àpẹẹrẹ yìí, mítà 10 ni yóò ṣẹ́ kù lórí òrùlé, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin ti ọ̀sán. Ìwọ̀n omi tó ń wọlé kò ní di ìlọ́po mẹ́rin o; ìlọ́po méjì ni yóò jẹ́. Òfin tó de omi tó ń gba ihò jáde ni pé kí eré rẹ̀ tó lè di ìlọ́po méjì, ipá tó ń tì í gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Síbẹ̀, ìlọ́po méjì yìí tó láti mú kí tánkì tí kò kún láàárọ̀ ṣúlẹ̀ kún kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ihò tí a kì í rí

Ẹni tó bá wo fáàfù olóbọ́ọ̀lù láti ìta yóò rí ẹnu tó fẹ̀ tó ìdajì ínṣì, tí pulọ́ńbà dè mọ́ páìpù. Omi kò gba gbogbo ẹnu yẹn kọjá. Nínú fáàfù náà ni ihò kan wà, tí èdídí onírọ́bà ń dí tó sì ń ṣí. Ihò yìí ló ń pinnu iye omi tó lè jáde, ó sì kéré gan-an. Lára fáàfù tí wọ́n ṣe ní ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ihò èyí tó wà fún omi tí ipá rẹ̀ pọ̀ kò ju mìlímítà 3 ó lé díẹ̀ lọ. Ihò èyí tó wà fún omi tí ipá rẹ̀ kéré jẹ́ mìlímítà 6 ó lé díẹ̀. Wọ́n sábà máa ń tẹ lẹ́tà HP sára ti àkọ́kọ́, àti LP sára ti ìkejì. Òde wọn jọra débi pé ẹni tó lọ rà wọ́n lọ́jà lè má mọ̀ pé ohun méjì ni wọ́n.

Inú ìṣirò ni ìyàtọ̀ wọn ti ń hàn. Ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ní àyè ìlọ́po mẹ́rin. Nínú ilé àpẹẹrẹ wa, tí mítà 2.5 ṣẹ́ kù lókè, ihò ńlá yóò jẹ́ kí bíi lítà 9 wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Tánkì lítà 1,000 yóò kún láàárín nǹkan bíi wákàtí 2, bí a kò bá tíì ka ohun tí páìpù ń gbà. Ihò kékeré kò ní jẹ́ kí ó ju lítà 2 ó lé díẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà tánkì kan náà yóò gba wákàtí 7 ààbọ̀. Ilé kan náà ni, omi kan náà ni, ipá kan náà ni. Ihò tí ojú kò rí nìkan ló yí padà.

Ohun tó burú ni pé ihò kékeré yìí náà ni ìdọ̀tí máa ń há sí. Nígbà tí wọ́n bá tún páìpù ojú títì ṣe, iyanrìn àti ìpẹ́pẹ́ ìdóògún irin máa ń bá omi wá. Nínú páìpù, wọn yóò kọjá láìsí wàhálà. Lẹ́nu ihò tí kò ju ẹ̀wà kan lọ, òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo lè gba ìdajì àyè omi. Tánkì tó ń kún dáadáa tẹ́lẹ̀, tó wá ń lọ́ra lójijì lẹ́yìn tí omi ti dá fún ọjọ́ mélòó kan, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ohun tí páìpù ń jẹ

Bí omi ṣe ń sáré nínú páìpù, ara páìpù ń fà á sẹ́yìn. Bí páìpù bá gùn tó, bí ó bá sì tín-ín-rín tó, ni ìfàsẹ́yìn yìí ṣe ń pọ̀ tó. Fífẹ̀ inú páìpù ló ṣe pàtàkì jù: láti inú páìpù ìdajì ínṣì bọ́ sí ti ínṣì kan ó dín ìdá mẹ́rin, ohun tí páìpù ń jẹ nínú ipá yóò dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, bí iye omi tó ń kọjá kò bá yí padà.

Nínú ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, bí páìpù ìdajì ínṣì bá gùn tó mítà 30 láti ẹnu ọgbà dé orí òrùlé, tí fáàfù oníhò ńlá sì wà lẹ́nu rẹ̀, lítà 9 ìṣẹ́jú kan yóò dín kù sí lítà 6 ààbọ̀. Tánkì yóò wá kún láàárín wákàtí 2 ààbọ̀. Bí wọ́n bá fi páìpù tó fẹ̀ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, yóò padà sí lítà 8.

Ṣùgbọ́n bí fáàfù oníhò kékeré ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Lítà 2 péré ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Omi tó kéré báyìí kì í sáré nínú páìpù, páìpù kò sì rí nǹkan gidi jẹ nínú ipá rẹ̀. Ẹni tó bá ná owó lórí páìpù tuntun nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní rí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ jẹ lérè. Níbi tí ọ̀nà bá ti há jù ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ là.

Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń di omi mú

Igbá òfìfo tí a gbé sórí omi kì í rì, bí a bá sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi, yóò máa ti ọwọ́ padà. Bí ó bá ṣe ń wọ inú omi tó ni ìtìpadà náà ṣe ń le tó. Lórí èyí ni gbogbo iṣẹ́ fáàfù olóbọ́ọ̀lù dúró. Bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ wà ní ìparí ọ̀pá kan. Ní ìparí kejì, ọ̀pá náà so mọ́ fáàfù, ó sì ń ti èdídí lu ihò. Nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù á bá a lọ sílẹ̀, èdídí á kúrò lẹ́nu ihò, omi á wọlé. Bí omi ṣe ń ga, bọ́ọ̀lù á máa bá a gòkè, títí èdídí yóò fi padà dí ihò náà pátápátá.

Ipá bọ́ọ̀lù nìkan kò pọ̀. Bọ́ọ̀lù tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 11, tí ìdajì rẹ̀ wà nínú omi, lè fi nǹkan bíi gíráàmù 200 ti ọ̀pá sókè lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìwọ̀n bọ́ọ̀lù àti ọ̀pá fúnra wọn kúrò. Ọ̀pá ló ń sọ ipá kékeré yìí di ńlá, bí igi gígùn ṣe ń jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo gbé òkúta tí ọkùnrin mẹ́ta kò lè fi ọwọ́ gbé. Bí ibi tí bọ́ọ̀lù wà bá jìnnà sí orí ìṣó ọ̀pá ní ìlọ́po mẹ́wàá ibi tí èdídí wà, gíráàmù 200 yẹn yóò di kílò 2 lẹ́nu èdídí.

Ibi yìí ni ìdí tí ihò fi gbọ́dọ̀ kéré ti ń hàn. Omi tó wà lẹ́yìn èdídí ń tì í kó lè ṣí, bí ihò bá sì ṣe fẹ̀ tó ni ìtì náà ṣe ń pọ̀ tó. Lẹ́nu ihò mìlímítà 6, omi tó ní ipá mítà 10 kò lè ti èdídí ju bíi gíráàmù 320 lọ. Kílò 2 ń bẹ láti dá a dúró, nítorí náà bọ́ọ̀lù borí rẹ̀ láìṣe wàhálà. Ká ní wọ́n ṣí ihò náà tó ìdajì ínṣì gbáko kí tánkì lè tètè kún, tí ipá omi sì di mítà 40 lóru, ìtì náà yóò ju kílò 5 lọ. Bọ́ọ̀lù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tán kó tó lè dí i, omi yóò sì ti gba páìpù àkúnya jáde nígbà náà. Ẹni tó ṣe fáàfù ń fi ìyára kíkún san owó ìdánilójú pé omi yóò dúró nígbà tó bá yẹ.

Ìwọ̀nba tó kẹ́yìn

Èdídí kò nílò kó jìnnà sí ihò kí omi tó lè jáde ní kíkún. Fún ihò mìlímítà 6, bí ó bá ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ ní mìlímítà kan ààbọ̀, gbogbo àyè ihò náà ti ṣí tán. Nítorí ọ̀pá tó gùn ní ìlọ́po mẹ́wàá, mìlímítà kan ààbọ̀ yẹn dọ́gba pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ lójú omi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fáàfù ṣí sílẹ̀ gbayawu ní gbogbo ìgbà tí tánkì ń kún, àfi ní sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì tó kẹ́yìn. Níbẹ̀ ló ti ń pa dé díẹ̀díẹ̀: bí omi ṣe ń súnmọ́ òpin ni èyí tó ń wọlé ń dín kù, títí yóò fi di ìkántótó.

Nínú tánkì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ yìí kò ju lítà 15 lọ nínú lítà 1,000. Kò lè jẹ́ òun ló sọ wákàtí 2 di wákàtí 7. Ibi tí ènìyàn ti ń gbọ́ ọ ni nígbà tí wọ́n bá lo omi díẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi omi lítà 9 ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ojú omi tánkì kò ní lọ sílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan. Fáàfù yóò ṣí díẹ̀, ohùn omi yóò sì máa dún lókè fún ìṣẹ́jú mélòó kan bí ẹni pé nǹkan bàjẹ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Bí a ṣe lè mọ ibi tí ìṣòro wà

Garawa lítà 10 kan àti aago tó láti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí tánkì bá wà ní ìdajì, kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ ọ̀pá bọ́ọ̀lù sísàlẹ̀. Bí omi kò bá pọ̀ sí i, bọ́ọ̀lù kò jẹ̀bi, torí fáàfù ti ṣí tán tẹ́lẹ̀. Bí ó bá pọ̀ sí i, a jẹ́ pé ọ̀pá náà há tàbí ó fara kan ògiri tánkì, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n ti géètì fáàfù tó wà lójú ọ̀nà páìpù, kí wọ́n tú fáàfù olóbọ́ọ̀lù kúrò, kí wọ́n gbé garawa sábẹ́ ẹnu páìpù, kí wọ́n sì tún ṣí géètì náà pátápátá. Bí garawa bá kún láàárín ìdajì ìṣẹ́jú, tó sì jẹ́ pé ìṣẹ́jú 4 ló ń gbà nígbà tí fáàfù wà níbẹ̀, inú fáàfù ni ìdènà wà: ihò rẹ̀ kéré jù fún ilé náà, tàbí ìdọ̀tí ti há síbẹ̀. Bí páìpù òfìfo náà bá ń sun omi tín-ín-rín, fáàfù tuntun kò lè wo àìsàn yẹn sàn. Kí wọ́n wò ó bóyá géètì ṣí tán, bóyá páìpù irin àtijọ́ ti fi ìdóògún dí nínú, kí wọ́n sì tún ìdánwò náà ṣe lóru. Bí ti òru bá yá ju ti ọ̀sán lọ gan-an, ipá tó ń wá láti ojú títì ni kò tó.

Àìsàn kejì ni kí omi má dúró mọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá ti lu, omi yóò wọ inú rẹ̀, yóò wúwo, yóò sì rì. Ẹni tó bá tú u mì yóò gbọ́ omi tó ń dún nínú rẹ̀. Bí rọ́bà èdídí bá ti jẹ, omi yóò máa jò díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án lóru, bí bọ́ọ̀lù tilẹ̀ léfòó dáadáa. Èyí tó máa ń da ènìyàn láàmú ni àkúnya tó ń ṣẹlẹ̀ lóru nìkan, tí kò sí lọ́sàn-án. Fáàfù yẹn kò tíì bàjẹ́ tán; ipá òru ló ju ohun tí bọ́ọ̀lù lè dá dúró ní ibi tí wọ́n gbé e sí. Fáàfù oníhò kékeré tàbí bọ́ọ̀lù tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ni oògùn rẹ̀.

Ilé tó ń fi ẹ̀rọ fa omi

Nínú ilé tí súmò ń ti omi gòkè láti inú kànga, kò yẹ kí wọ́n fi fáàfù olóbọ́ọ̀lù nìkan dá omi dúró. Fáàfù lè ti ọ̀nà omi pa, ṣùgbọ́n kò lè pa iná. Ẹ̀rọ yóò máa yí lórí omi tí kò rí ibi lọ, omi náà yóò máa gbóná. Súmò pàápàá, omi tó ń ṣàn kọjá lára rẹ̀ ló ń mú un tutù. Bí omi kò bá ṣàn mọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi jóná.

Síwíìṣì olóbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ó ń fi okùn iná rọ̀ sínú tánkì, ohun wíwúwo kan sì di okùn náà mú níbi kan. Nígbà tí omi bá ga, bọ́ọ̀lù á dorí sókè, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì gé iná. Nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀, á dorí kodò, á sì tan iná. Kò dà bíi fáàfù tó ń pa dé díẹ̀díẹ̀: ó ń tan tàbí ó ń pa, kò sí agbede méjì. Gígùn okùn láti ibi ohun wíwúwo dé ara bọ́ọ̀lù ló ń pinnu bí ojú omi yóò ṣe lọ sílẹ̀ tó kí ẹ̀rọ tó tún tan. Bí okùn yẹn bá kúrú jù, ẹ̀rọ yóò máa tan, yóò máa kú, nítorí omi ìwẹ̀ ọwọ́ lásán, èyí sì ń ba ẹ̀rọ jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ilé ló ń lo méjèèjì, oníkálukú láyè tirẹ̀: omi ẹ̀rọ ìjọba ń wọ tánkì ilẹ̀ tí fáàfù olóbọ́ọ̀lù ń ṣọ́, ẹ̀rọ sì ń fa omi láti ibẹ̀ lọ sí tánkì òkè tí síwíìṣì ń ṣọ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé tánkì ilẹ̀ kò béèrè mítà 7.5 lọ́wọ́ omi kó tó wọlé.

Níbi yòówù tí fáàfù bá wà, ibi tí omi yóò dúró sí ṣe é yí padà. Èyí tó ní ọ̀pá idẹ, wọ́n á tẹ ọ̀pá náà wálẹ̀ díẹ̀ kí omi lè dúró nísàlẹ̀. Èyí tó jẹ́ oníke sábà máa ń ní ìdè tí wọ́n fi ń sún bọ́ọ̀lù. Kí ojú omi wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀ sísàlẹ̀ páìpù àkúnya, kí ẹnu fáàfù sì ga ju páìpù àkúnya lọ, kí omi inú tánkì má baà fà padà sínú páìpù ojú títì nígbà tí omi bá dá. Páìpù àkúnya náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju èyí tó ń gbé omi wọlé lọ, nítorí omi tó ń jáde níbẹ̀ kò ní ipá kankan lẹ́yìn ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ.